Kóńgò Oníṣẹ́ Ọnà Ìwé

Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun àti ìyá onígàrí bá ná an tán. Ìyá náà yóò wọn gàrí sínú kóńgò lójú oníbàárà, yóò dà á sínú ọ̀rá, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e gẹ́gẹ́ bí èènì. Kò sí ẹni tí ń pe èènì ní kóńgò kejì. Oníbàárà tó bá sì fẹ́ kóńgò kejì mọ̀ pé owó kóńgò kejì ni òun yóò san. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, èrò tèmi ni pé ohun tó ń pa àwa tí à ń fi ọnà sí ìwé ní àdúgbò Bajúláyé lára kì í ṣe ìwà burúkú àwọn oníbàárà. Àìní kóńgò ni.

Ibùdó atẹ̀wé ni Ṣómólú. Ní òpópónà Bajúláyé àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, ẹ ó rí àwọn tí ń ta bébà, àwọn tí ń ṣe puléètì, àwọn tí ń tẹ̀wé àti àwọn tí ń gé e tí wọ́n sì ń dì í pọ̀. Gbogbo wọn ló ní òṣùwọ̀n. Rímù ni a fi ń ka bébà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ka puléètì, iye ìgbà tí bébà bá gba inú ẹ̀rọ kọjá ni atẹ̀wé fi ń gbowó. Àwa dìsáínà nìkan ni à ń dá iye lé iṣẹ́ láìsọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó.

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe nígbà ọlidé kí n lè rí owó ilé ìwé san, ó sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Arákùnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá fún mi. A sọ ọ́ sí ojú ewé 16, a sì ná an sí 40,000 náírà, ọnà nìkan ni, owó ìtẹ̀wé lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò rẹ̀ obìnrin mú fọ́tò mìíràn wá, mẹ́ta nínú wọn ti gbó, ojú wọn ti là. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ kún un, ojú ewé kan péré. Nígbà tí puléètì èèpo ìwé ti jáde tán, àbúrò olóògbé dé, ó ní a kò kọ ‘Olóyè’ ṣáájú orúkọ ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ ‘ojú ewé kan péré’ yẹn yẹ̀ wò. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ ká a sí méjì bí ìwé tí a fi wáyà dì láàárín. Ojú mẹ́rin ni ẹ ó rí. Ìdí nìyẹn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin: láti 16, ó di 20, kò lè jẹ́ 17. Ẹni tó bá fi ojú ewé kan kún un ti fi mẹ́rin kún un, dìsáínà ni yóò sì wá ohun tí yóò kún mẹ́ta tó kù.

Ti puléètì náà nìyí. Àwọ̀ mẹ́rin ni a fi ń tẹ fọ́tò aláràbarà: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, puléètì kọ̀ọ̀kan sì ni ti àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní dúdú nìkan ni mo fi kọ orúkọ olóògbé, puléètì kan ṣoṣo ni à bá tún ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti po àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí ó lè dán bíi wúrà, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bàjẹ́. 3,000 náírà ni ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12,000. Arákùnrin náà ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ oyè náà fún mi lórí fóònù. N kò rántí, kò sì sí ìwé tí yóò jẹ́rìí. A pín in sí méjì, mo san 6,000. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ di 34,000 náírà.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó kọ ìwé iye owó. N kò dá iye lé iṣẹ́ mọ́, ojú ewé ni mo ń kà: 2,500 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin. Fọ́tò tó gbó tí a ó tún ṣe jẹ́ 2,000. Mo wá ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Àtúnṣe ni kí á tún àṣìṣe tó wà nínú ohun tí a ti gbà ṣe kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́fẹ̀ẹ́, èyíinì ni èènì mi, ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́ 5,000. Àfikún ni ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní iye tirẹ̀. Àyípadà ni kí á da ohun tí oníbàárà ti fọwọ́ sí nù. Owó tuntun ni, àti owó puléètì bí a bá ti ṣe é. Bí mo bá fi ìwé yìí wọn iṣẹ́ ọjọ́sí, ojú ewé 20 jẹ́ 50,000, fọ́tò mẹ́ta jẹ́ 6,000, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ṣe jẹ́ 5,000. 61,000 náírà ni, 34,000 ni mo gbà.

Àdéhùn tó tẹ̀ lé e kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá mi sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni à ń fi buwọ́ lu ìwé. Èkejì, ẹni náà yóò buwọ́ lu ẹ̀dà àyẹ̀wò, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí puléètì tó jáde. Àṣìṣe tó bá wà nínú ohun tó buwọ́ lù, tirẹ̀ ni. Bí ohun tí mo gbé fún atẹ̀wé bá yàtọ̀ sí i, èmi ni n ó san án. Ẹ̀kẹta, ìdajì owó kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sì ń kọ déètì sí i, pé iye náà dúró fún ọjọ́ méje, nítorí owó ọjà kì í dúró dè wá.

Àwọn kan yóò ní ìwé àdéhùn láàárín ará àti ọ̀rẹ́ dà bí ìfura. Alájọ ń fa ìlà sí káàdì àbúrò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń bínú. Ìlà yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n jà. N kò ní kí ẹ má nájà. Ẹ ná an dáadáa, ṣùgbọ́n kí ìnájà parí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbà pé kóńgò yìí kò wọn gbogbo nǹkan. Àmì tí ilé iṣẹ́ kan yóò máa lò kò ní ojú ewé tí a lè kà. Irú ìyẹn, ìpele ni mo ń fi í gbowó: àwòrán mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí á tó tẹ̀síwájú. Ìwé náà kò sì lè fipá mú ẹni tí kò fẹ́ san. Owó tí a ti gbà ṣáájú nìkan ló lè gbani lọ́wọ́ irú wọn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni kò mọ bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń pàṣẹ ìwé ìròyìn, tí ààrẹ yóò fẹ́ kí fọ́tò òun tóbi sí i, tí akọ̀wé yóò tún mú àpilẹ̀kọ kan wá lálẹ́ ọjọ́ ìtẹ̀wé? Ìmọ̀ràn mi ni pé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tí yóò buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì ka ojú ewé wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣómólú.