Ẹ má fi agbedeméjì bo májèlé Odò Ọ̀ṣun mọ́lẹ̀

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ìjà òṣèlú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìṣirò ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Ó ti sú mi bí àwọn kan ṣe ń pariwo káàkiri pé "ìpíndọ́gba ń parọ́, agbedeméjì ni kẹ́ ẹ máa lò." Lórí owó oṣù, mo gbà. Lórí omi Odò Ọ̀ṣun, mi ò gbà rárá, màá sì sọ ìdí ẹ̀.

2.
Ká tó jà, ká mọ ohun tá à ń jà lé lórí. Ìpíndọ́gba ni tíṣà wa ń pè ní mínì: kó gbogbo nọ́ńbà jọ, fi iye wọn pín in. Agbedeméjì ni mídíànì (kì í ṣe àwọn ará Mídíánì inú Bíbélì o): tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, kó o mú èyí tó wà láàárín.

Tí nọ́ńbà yín bá jẹ́ márùn-ún tàbí méje, ẹyọ kan á dá dúró láàárín. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ńkọ́? Kò sí ẹni tó dá wà láàárín. Méjì ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

3.
Kí ló kan omi? Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo mọ̀ pé omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti ń wa góòlù láti àwọn ọdún 1940, àmọ́ ti àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ ló gbòde báyìí. Wọ́n ń fọ yẹ̀pẹ̀ góòlù létí omi, ẹrẹ̀ àti kẹ́míkà wọn ń wọnú àwọn odò kéékèèké, wọ́n sì ń ṣàn wá bá Ọ̀ṣun.

Odò yìí kan náà ló gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí Yùnẹ́síkò kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ní August, àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo wá bu omi náà mu, wọ́n sì ń bù ú relé. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún mọ́.

4.
Òjé, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, wà lára ohun tí à ń bẹ̀rù. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún un nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan. Ẹ rántí Sàmfárà lọ́dún 2010: òjé inú yẹ̀pẹ̀ góòlù pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé nọ́ńbà lásán ni.

5.
Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpẹẹrẹ ni nọ́ńbà wọ̀nyí o, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀, kì í ṣe àbájáde láàbù kankan. Ẹ ká ní ẹnì kan bu omi sínú ìgò mẹ́fà lójú odò, ó gbé e lọ yẹ̀wò, wọ́n sì kọ iye òjé tó wà nínú lítà kan báyìí:

3, 30, 2, 63, 18, 4

Ohun àkọ́kọ́: ẹ tò ó. Ẹni tí kò bá tò ó, á mú 2 àti 63 tó wà láàárín, á kó wọn jọ, á pín in sí méjì, á sì gbé 32.5 jáde. Irọ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tò ó:

2, 3, 4, 18, 30, 63

Mẹ́fà ni wọ́n. Ìdajì mẹ́fà ni mẹ́ta. Ẹ mú ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin: 4 àti 18. 4 pẹ̀lú 18 jẹ́ 22. Ẹ pín in sí méjì: 11. Agbedeméjì nìyẹn.

Ìpíndọ́gba ńkọ́? Àpapọ̀ wọn jẹ́ 120. Ẹ fi 6 pín in: 20.

6.
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù ṣe é, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú A1 dé A6, kẹ́ ẹ wá tẹ ìwọ̀nyí:

```
=MEDIAN(A1:A6)
=AVERAGE(A1:A6)
```

Èkíní á bá yín tò ó fúnra ẹ̀, á sọ pé 11. Èkejì á sọ pé 20. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ fún yín pé méjì ló wà láàárín. Ó kàn ju nọ́ńbà kan sí yín lójú, ó sì dákẹ́.

7.
Ẹ wá wo 11 yẹn dáadáa. Ìgò wo ló ní òjé 11 nínú? Kò sí! Ìgò mẹ́ta ò ju 4 lọ, mẹ́ta yòókù bẹ̀rẹ̀ láti 18. Àárín 4 sí 18 ṣófo pátápátá.

Iṣẹ́ agbedeméjì ni kó pín wọn sí méjì, kí ìdajì wà nísàlẹ̀, kí ìdajì wà lókè. 11 ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ 5 náà á ṣe é. 9 á ṣe é. 17 á ṣe é. Nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá wà láàárín 4 àti 18 ló lè ṣe é. Pé ká mú ibi tó wà ní ìdajì ọ̀nà, àdéhùn àwa èèyàn ni, kí gbogbo wa lè máa gbé ìdáhùn kan náà jáde.

Òdiwọ̀n wa sì ni 10. 9 á ní omi dáa, 11 á ní kò dáa. Odò kọ́ ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, àdéhùn ló sọ̀rọ̀.

8.
Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dé, kó ní "ìgò tó ní 63 yẹn ti dọ̀tí kó tó dé láàbù, ẹ yọ ọ́." Ó ku márùn-ún: 2, 3, 4, 18, 30. Agbedeméjì di 4. Ẹ gbà, omi ti mọ́!

Ẹlòmíì ní òun ò gba ti ìgò tó ní 2. Ó ku 3, 4, 18, 30, 63. Agbedeméjì di 18. Ẹ sá!

Odò kan náà, ọjọ́ kan náà, ìgò kan péré la yọ. Ìpíndọ́gba ńkọ́? Ẹ yọ 63, ó di 11.4. Ẹ yọ 2, ó di 23.6. Méjèèjì ṣì ju 10 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní agbedeméjì kì í mì, ṣé ẹ rí i? Tí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjì náà bá fẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo á gbé e láti òdì kejì wá sí ìhín.

9.
Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Fílíǹtì, ní Míṣígàn, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2015. Ti wọn kì í ṣe agbedeméjì. Wọ́n ń tò ó ni, wọ́n sì ń wo ẹni tó wà nípò àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé 71 ni wọ́n ti bu omi. Wọ́n yọ méjì, ó ku 69, nọ́ńbà wọn sì bọ́ sábẹ́ òdiwọ̀n 15 tí ìjọba wọn fi lélẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ipò dájọ́, ẹ máa ṣọ́ ẹni tó ń yọ ìgò.

10.
Kí ló ń fa àlàfo yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, omi méjì ni wọ́n pò pọ̀. Ìgò mẹ́ta wá láti òkè ibi tí wọ́n ti ń fọ góòlù, mẹ́ta wá láti ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tàbí mẹ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́ta lẹ́yìn òjò ńlá tó ru ẹrẹ̀ sókè. Ẹ pín wọn! Apá kan: 2, 3, 4, agbedeméjì 3. Apá kejì: 18, 30, 63, agbedeméjì 30. Òótọ́ ti jáde báyìí. 11 ìṣáájú kò ṣàpèjúwe omi kankan nínú méjèèjì.

11.
Kí ló wá dé tí 11 àti 20 fi jìnnà síra? Agbedeméjì ń ka orí ni, ìpíndọ́gba ń wọn ẹrù. Ẹ sọ 63 di 630. Ó ṣì jẹ́ ẹnì kẹfà lórí ìlà, agbedeméjì ò mira: 11. Ìpíndọ́gba fò lọ sí 114.5.

Lórí owó oṣù, dídi etí bẹ́ẹ̀ dáa. Tí ọ̀gá kan bá ń gba mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìyẹn ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ. Àmọ́ òjé kì í ṣe owó ọ̀gá. Ara rẹ ló ń gbà á, ó sì ń kó o pa mọ́ sínú egungun.

12.
Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún àwọn tó ń jiyàn. Ẹni tó bá mu lítà kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan ti gbé òjé 120 mì. Ẹ sọ ìpíndọ́gba di ọ̀nà mẹ́fà: 20 lọ́nà mẹ́fà, 120. Ó pé. Ẹ sọ agbedeméjì di ọ̀nà mẹ́fà: 11 lọ́nà mẹ́fà, 66. Níbo ni 54 yòókù wọlé sí? Inú ara ẹni tó mu ún ló wà o, inú ìròyìn yín nìkan ni kò sí.

13.
Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ìpíndọ́gba di òrìṣà. Òun náà lè bo 63 mọ́lẹ̀ sábẹ́ 20. Agbedeméjì náà sì ní ọjọ́ tiẹ̀: tí ẹ̀rọ láàbù ò bá lè ka àwọn tó kéré jù, tó kàn kọ "ó dín ní 5," ẹ ṣì lè tò wọ́n sísàlẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè ṣe ìpíndọ́gba láìgbé nọ́ńbà kan lé e lórí. Ẹni tó gbé ẹyọ kan ṣoṣo wá, tó ní ká lọ sùn, ni mò ń bá jà.

14.
Nítorí náà, nígbà míì tí wọ́n bá gbé àbájáde omi Ọ̀ṣun jáde, tí wọ́n ní "agbedeméjì wà lábẹ́ òdiwọ̀n," ẹ bi wọ́n: ìgò mélòó ni? Tí iye ẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì, àwọn méjì wo ló wà láàárín, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Mélòó ló ju 10 lọ? Èwo ló tóbi jù? Ibo lẹ ti bu ìkọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ wo? Ìgò wo lẹ yọ?

Ẹ ṣe é bí Òṣómàáló tó wá gba owó aṣọ ẹ̀. Ẹ lóṣòó síbẹ̀. Ẹ má dìde títí wọ́n á fi kó gbogbo nọ́ńbà jáde.