Ìwé Ẹrù Ilé: "Ó Dára" Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni mo mú wá lónìí, pàápàá jù lọ ilé tí onílé ti to ẹrù sí kí a tó wọlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wu àlejò púpọ̀, nítorí ẹni tí iṣẹ́ gbé dé ìlú tí kò mọ ẹnìkan kò fẹ́ẹ́ máa fi ọkọ̀ kó bẹ́ẹ̀dì àti àga kiri. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ń jáde ni a óò mọ̀ bóyá ìrọ̀rùn ni a rà tàbí ẹjọ́.

Ní ọdún 2022, ọmọ ìlú wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ gba ilé oníyàrá méjì ní àdúgbò kan tí ó yà lára ọ̀nà Upper Sakponba. Bàbá onílé, ọmọ Bìní ẹni ọ̀wọ̀, béèrè owó ilé ọdún kan, ó sì gba náírà 150,000 sí i fún owó ìdógò, èyí tí àwọn aṣojú onílé ń pè ní kọ́ṣọ̀n-fíì. Aṣojú náà gbé ìwé pélébé kan jáde. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà méje lọ: àga pálọ̀ kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan, fìríìjì kan, fáànù mẹ́ta, tábìlì kan, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, "gbogbo rẹ̀ dára". Olùkọ́ wa fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Ó ní ojú ti òun láti máa yẹ ẹrù Bàbá wò níṣojú Bàbá.

Ìtìjú yẹn ni ó ná an lówó. Nígbà tí ó fẹ́ kó jáde ní ọdún 2024, Bàbá nawọ́ sí ohun mẹ́ta: ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ti wú, ó ti ń já bọ́, ìjókòó kan lára àga ti ya, fìríìjì kò sì tutù mọ́. Bàbá ní òun kò ní dá kọ́bọ̀ padà nínú owó ìdógò, àti pé olùkọ́ ṣì gbọ́dọ̀ san owó àga tuntun. Ọmọ wa wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dé ibẹ̀, kí n má baà sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà." Mo bá a lọ, a sì mú káfíńtà kan dání.

A kọ́kọ́ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó àlẹ̀mọ́ tí a fi eérún igi ṣe ni, kì í ṣe ìrókò, kì í sì í ṣe ọ̀ganwó. Irú pákó yìí, bí omi bá kàn án láti ìsàlẹ̀, yóò wú bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, kì í sì í padà sípò mọ́. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, omi ta ni? Ẹni tí ó bá mọ Upper Sakponba mọ bí àgbàrá ti ń ṣe níbẹ̀ lákòókò òjò. Káfíńtà sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ó sì fi ìlà ọ̀rinrin kan hàn wá, tí ó lọ gbọọrọ láti igun yàrá dé ìkejì, ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀. Ọ̀dà ti ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ ìlà yẹn, iyọ̀ funfun sì ti hù jáde lára símẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan náà ti dúdú dé ibi kan náà gẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ayálégbé ni ó da omi sílẹ̀, ojú kan ni ì bá ti bàjẹ́, ìlà kò sì ní lọ geerege bẹ́ẹ̀. Omi tí ń gun ògiri bọ̀ láti inú ilẹ̀ ni, èyí sì jẹ́ àléébù ilé fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá kọ́bọ́ọ̀dù ti wú kí olùkọ́ tó wọlé, nítorí pé "ó dára" ni ìwé wí.

Kí a má dá Bàbá lẹ́bi jù. Ó sọ fún wa pé ẹni tí ó gbé ilé náà ṣáájú tú fáànù méjì lọ lóru, ìwé tí ó sì fọwọ́ sí kò sọ irú fáànù tí wọ́n jẹ́, débi pé ó fi ògbólógbòó méjì rọ́pò wọn, ó sì ní òun dá a padà pé. Ìwé tí kò péye kì í gbe onílé, kì í gbe ayálégbé.

Kí ni ìbá wà nínú ìwé náà? Ẹni tí yóò kọ ọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, á máa yí lọ sí apá ọ̀tún títí yóò fi padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà fo ohun kankan. Fún ohun kọ̀ọ̀kan, á kọ iye rẹ̀, ohun tí a fi ṣe é, àmì tàbí nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, ọdún tí a rà á, àti ìpò tí ó wà. Ibi ìpò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. "Ó dára" kì í ṣe ìpò. Èrò ọkàn ni. Ohun tí ojú rí àti ibi tí ó wà ni kí a kọ. Fún àpẹẹrẹ: "Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, 1, pákó àlẹ̀mọ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀kùn 3, a rà á ní 2018. Ìdí apá òsì ti wú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ilẹ̀kùn àárín kò ní kọ́kọ́rọ́. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà ọ̀rinrin." Ẹni tí ó bá ka èyí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò mọ ohun tí a rí. Bí igi bá sì ní ihò wínníwínní, kí a gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́, kí a padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá ti tún dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ń lo iná kò ṣe é dá lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Fìríìjì lè máa kùn kí ó má tutù. Ẹ fi abẹ́bà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fà á: bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jó. Ẹ gbé ife omi kan sínú ibi tí ń dì, kí ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì tí iná bá dúró dáadáa. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé kí gbólóhùn kan wà nínú ìwé tí ó fún ayálégbé ní ọjọ́ 7 láti fi àléébù tí ó bá rí kún un, kí àwọn méjèèjì sì tún fọwọ́ sí àfikún náà. Kí a kọ sítábíláísà sílẹ̀ bí ó bá wà. Bí kò bá sí, kí a kọ pé kò sí. Nínú ilé olùkọ́ wa, Bàbá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ni ó ba fìríìjì jẹ́, olùkọ́ ní iná ìjọba tí ń ga tí ń rẹlẹ̀ ni. Kò sí sítábíláísà níbẹ̀, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tí yóò là wọ́n níjà.

Ó ku àga. Ọmọ olùkọ́ ni ó fi abẹ ya á, kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá ń béèrè owó odindi àga tuntun, náírà 400,000 ní ọjà ọdún 2024. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ìlò lásán ń gbó ohun, owó ilé tí a sì ń san ni a fi ń san gbèsè ìgbógbó yẹn. Bí a bá gbà pé àga yìí á lo ọdún 10, tí a sì rà á ní 2018, ó ti lo ọdún 6, ó ku 4. Ẹni tí ó bá bà á jẹ́ pátápátá jẹ gbèsè ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, náírà 160,000. Àwọn kan yóò ní iye tí Bàbá fi rà á ní 2018 ni kí a fi ṣírò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀: pẹ̀lú bí owó wa ti rí, Bàbá kò lè rí àga rà ní iye ọdún yẹn mọ́, iye òní ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó kan ṣoṣo ni ó ya, arán-àga sì gba náírà 18,000 láti tún un ṣe. Iye àtúnṣe ni a jẹ, nítorí ó kéré sí iye tí ó kù lára ohun náà.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: olùkọ́ san 18,000 fún àga, wọ́n pín owó ẹ̀rọ fìríìjì, 90,000, sí méjì, kọ́bọ́ọ̀dù di ti Bàbá. Nínú 150,000, Bàbá dá 87,000 padà. Ó gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́ kọ́, àmọ́ ìlà ara ògiri yẹn kò ṣe é jiyàn lé lórí.

Àwọn ará wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2007 ni òfin ti ní kí onílé fi owó ìdógò sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ìjà bá dé, ti ayálégbé ni a ó ka owó náà sí títí onílé yóò fi fi ẹ̀rí hàn, ìwé ẹrù ọjọ́ ìwọlé sì ni ẹ̀rí tí a kọ́kọ́ ń béèrè. Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ọdún 2011 ní kí onílé tí ó bá gba owó ìdógò fún ìbàjẹ́ já ìwé owó ọ̀tọ̀ fún un, kí ó sì máa ṣe ìṣirò bí ó ti ná an. Ṣùgbọ́n Èkó nìkan ni òfin yẹn dè. Níbi tí àwa wà, ìwé tí àwa méjèèjì bá fọwọ́ sí ni agbára wa, nítorí náà kí ọwọ́ má kan owó ìdógò kí ìwé tó péye.

Bí onílé bá kọ̀ láti kọ ọ́ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan, àléébù rẹ̀ nítòsí, àti odindi yàrá láti ọ̀kánkán, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ní ọjọ́ ìwọlé gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtẹríba: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, bí mo ṣe bá ilé yín nìyí, bí mo bá ṣi ohunkóhun kọ, ẹ tún un ṣe fún mi." Èdè tí onílé gbọ́ ni kí ẹ lò, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Pijin. Kí ẹ má gbàgbé iye kọ́kọ́rọ́ tí a kó fún yín, àti nọ́ńbà mítà iná pẹ̀lú gbèsè tí ó bá wà lórí rẹ̀.

Bàbá ti rí ayálégbé mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹni náà ń wọlé, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà wa kí ó wá bá wọn kọ ẹrù. Ìwé wọn gùn tó ojú ewé mẹ́rin, wọ́n sì fọwọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan.