Elétí Méjì àti Jẹnẹrétọ̀: Ẹ̀fẹ̀ Tó Dùn àti Èyí Tó Ń Dunni



Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan wà ní kíláàsì mi ní ilé kéwú, ó máa ń kólòlò. Bí gbogbo wa bá jọ ń ké Kùránì pọ̀, ohùn rẹ̀ a já geere. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó dá kà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a há sí i lẹ́nu. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́ ní Jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lèèyàn ń fà á kó tó tan. Gbogbo kíláàsì a rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Nígbà tó yá, bí mo bá ní kó kàwé, á ní ọ̀fun ń dun òun.

A máa ń sọ pé ẹni tí kò fẹ́ kí a fi òun ṣẹ̀fẹ̀ le jù, tàbí pé ó ń gbéra ga. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí a máa tẹ ojú egbò wọn. Kólòlò kì í ṣe àìmọ̀wé. Ó máa ń le sí i bí a bá ń kán ẹni náà lójú, tàbí bí gbogbo èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn. Ẹni tó ń pè é ní Jẹnẹrétọ̀ ń dá kún ìṣòro tó ń fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò sì lè dá a padà: kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ti tán.

Ẹ̀sìn wa kò kọ ẹ̀fẹ̀. Ó wà nínú hádíìsì pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ẹ̀fẹ̀ pe Anas, tó ń sìn ín, ní elétí méjì. Ta ni kò ní etí méjì nínú wa? Òtítọ́ ni, kò sì kan egbò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Súrátúl-Hújúráàtì, ẹsẹ 11, kọ yẹ̀yẹ́ àti orúkọ burúkú fún wa. Ọ̀dọ̀ yẹn ni Jẹnẹrétọ̀ wà.

Báwo wá ni ọmọ náà ṣe máa sọ pé ó tó? Ó ti kọ́kọ́ bínú lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ ẹ̀fẹ̀ ni?" Ó tún gbìyànjú láti máa bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó dùn mọ́ ọn. Mo ní kó lọ bá ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà, lóun nìkan, lẹ́yìn ìrun àsárì, lọ́jọ́ tí ìjà kò sí. Ẹni tí a bá wí láwùjọ á fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀fẹ̀ mìíràn ló sì máa fi ṣe é.

Ohun tó sọ kò gùn: "Ẹ̀fẹ̀ rẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Jẹnẹrétọ̀ yẹn ń dùn mí, má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó o bá fẹ́, fi bí mo ṣe ń jẹun ṣẹ̀fẹ̀." Ó yin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ibi tó ń dùn ún, ó sì fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún eré.

Nílé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. A kì í wo àgbà lójú ká dá a lẹ́kun. Lẹ́yìn tó bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, ní kọ̀rọ̀, ó lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ mi gan-an ni kí ẹ máa pè mí." Bí èyí bá ṣòro, kí ìyá rẹ̀ bá a sọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín àlejò lọ́jọ́ Iléyá, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó ní, "Ìyẹn ti gbó, sà. Ẹ sọ ti àgbò tó já okùn lánàá fún wa." Ọ̀rọ̀ á yà síbòmíràn, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáwọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì kò jáwọ́. Ó sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, láìrẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọn kò gbọ́, èmi olùkọ́ ni mo fòfin de orúkọ náà, iṣẹ́ mi sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe é kò dá dúró lẹ́yìn tí a ti sọ fún un ti di ìyọlẹ́nu. Kí òbí tàbí olùkọ́ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọmọ nìkan.

Báyìí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn ni wọ́n jọ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dákẹ́ kí òun máa bá a lọ. Ó ṣì máa ń há sí i lẹ́nu nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀fun kò dùn ún mọ́.

Ìwọ tó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ó ń dun àwọn, má fèsì pé, "Eré ni mò ń ṣe." Sọ pé, "Má bínú," kí o sì wá ẹ̀fẹ̀ elétí méjì.