Ìwé ọkàn tí wọ́n kàn kọ "Ó dáa" sí kì í ṣe èsì: ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀

Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìwé gígùn oníàpótí kéékèèké tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n bá lẹ wáyà mọ́ yín láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. ECG ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Ohun tí ó ń bí mi nínú nìyí. Púpọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń kọ ọ̀rọ̀ jákujàku sí etí ìwé yẹn, a ó ní, "Ó dáa, Mama, ẹ máa lọ sílé." Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyá kan, ẹni ọdún 71 tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìwé ọkàn rẹ̀ wá fún mi nínú ọ̀rá. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò náà níbì kan. Nígbà tí mo máa rí i, rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Ohun tí wọ́n kọ sí etí ìwé náà kò ju èyí lọ:

150? 75? PR 96. LAD? Ó dáa.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

*150 tàbí 75?* Bí ìlù ọkàn bá ń lọ déédéé, a máa ń ka àpótí ńlá tí ó wà láàárín ṣóńṣó méjì, a ó sì pín 300 sí iye yẹn. Àpótí méjì á fún wa ní 150, àpótí mẹ́rin á fún wa ní 75. Ṣùgbọ́n ìlù ọkàn ìyá yìí kò lọ déédéé. Níbì kan àpótí méjì ló wà, níbòmíràn mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí iye méjì lórí ìwé kan ṣoṣo. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n ka gbogbo ṣóńṣó tí ó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Mo kà á, ó jẹ́ 16. Ìlù 96 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan.

*PR 96.* Fún nọ́ọ̀sì tí ó wà ní wọ́ọ̀dù, PR ni iye ìlù tí a kà ní ọrùn ọwọ́. Lórí ìwé ọkàn, PR jẹ́ àlàfo: àkókò tí iná ọkàn fi ń rìn láti yàrá òkè dé yàrá ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ó wà láàárín 120 sí 200 mílísẹ́kọ́ndì, ìyẹn àpótí kékeré mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹnì kan á ka 96 yìí sí iye ìlù, ẹlòmíràn á kà á sí àlàfo tí ó kúrú jù. Ta ni kò ní ṣìnà?

*LAD?* Ẹni tí ó kọ ọ́ ní i lọ́kàn pé ibi tí iná ọkàn kọjú sí yà sí òsì. Ṣùgbọ́n LAD náà ni orúkọ ìkékúrú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan tí ó ń bọ́ ọkàn. Ẹnì kan rí i, ó sọ fún ọmọ ìyá náà pé iṣan ọkàn ìyá rẹ̀ ti dí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń náwó lórí iṣan tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó dí.

Èyí tí ó wá dùn mí jù ni ohun tí wọn kò kọ rárá. Ṣáájú ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí òkè kékeré kan wà tí à ń pè ní P. Lórí ìwé ìyá yìí, kò sí P kankan, ìlù náà sì ń já lura wọn láìní ètò. AF ni àwọn dókítà ń pè é. Yàrá òkè ọkàn kò fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, ńṣe ló kàn ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ lè dúró níbẹ̀, kí ó dì, kí èyí tí ó dì sì gba ọ̀nà lọ sí ọpọlọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà fún un. N kò lè búra pé ì bá dá rọpárọsẹ̀ yẹn dúró, ṣùgbọ́n ìyá kò tilẹ̀ rí àyè kí dókítà rò ó wò fún un, nítorí "Ó dáa" ni wọ́n kọ.

Ìwé kan náà ni mo tún kọ báyìí:

*Iye ìlù:* 96 ní ìṣẹ́jú kan, a kà á láti inú ìṣẹ́jú àáyá 10.
*Bí ìlù ṣe ń lọ:* kò déédéé rárá, kò sí P.
*Ibi tí iná kọjú sí:* ó yà sí òsì. Ṣóńṣó lọ sókè ní wáyà I, ó lọ sílẹ̀ ní II àti aVF.
*Àlàfo:* PR kò ṣeé wọ̀n nítorí kò sí P. QRS 80, kò fẹ̀ jù. QT tí a ti tún ṣe gẹ́gẹ́ bí ìlù ṣe yá tó jẹ́ 430, kò gùn jù fún obìnrin.
*Ìparí:* AF ni. Kò sí ìwé àtijọ́ tí a lè fi wé e. Kí dókítà rí i lónìí nítorí ewu rọpárọsẹ̀.

Ẹ rí i pé ìlà kan ń ṣọ́ èkejì. Bí ẹnì kan bá kọ AF, tí ó tún kọ pé àlàfo PR jẹ́ 160, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ìwé kò lè fi àṣìṣe ara rẹ̀ hàn báyìí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní èrò pọ̀ jù. Mo gbà, ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún yìí kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Wọ́n á ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti kọ èsì sókè ìwé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ń gbọ̀n, tàbí tí wáyà kò lẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ lè pe ìgbọ̀n ara ní AF, ó sì lè má rí AF tòótọ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ wò ó lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, bí wọ́n bá ti ṣe é fún yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ kọ sí ìparí? Ṣé ìlù rẹ̀ déédéé?" Ẹ rí i pé orúkọ yín, ọjọ́ àti aago wà níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí oòrùn àti ooru máa ń pa ìwé ẹ̀rọ náà rẹ́, ẹ ó sì nílò rẹ̀ láti fi wé ti ọjọ́ iwájú.

Ẹ má gbàgbé: ìwé náà kò mọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ṣe é lọ. AF lè wá kí ó tún lọ, àyà sì lè máa dun èèyàn nítorí àìsàn ọkàn kí ìwé má fi hàn. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí ẹnu bá wọ́ lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ, ẹ má dúró ka ìwé. Ẹ má sì fi ara yín ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì; dókítà ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n fún yín, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹni tí ó ní irú ìwé yìí nínú àpótí yọ ọ́ wò lálẹ́ yìí. Bí "Ó dáa" nìkan ni ó wà lórí rẹ̀, kí ó dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.