Òrìṣà Kọ́ ni Ìjọba Róòmù Bá Jà: Èrò Lórí Òfin Ọdún 186 Ṣ.K. nípa Awo Bákọ́ọ̀sì

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ ọ́ pé níbi tí òrìṣà bá ti pọ̀, ìjà ẹ̀sìn kì í wáyé níbẹ̀. Wọn a máa tọ́ka sí ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì àti ní Róòmù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, pé olúkúlùkù ló ń bọ èyí tó wù ú, tí ìjọba kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ní ilẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìlú ni ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ní Róòmù pàápàá, àwọn ọlọ́lá kan náà tó ń jókòó nínú Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà ìlú, ni wọ́n ń jẹ oyè àwòrò. Àwọn ni wọ́n ń pinnu òrìṣà àjèjì tí ìlú yóò gbà wọlé, ibi tí a ó kọ́ ilé rẹ̀ sí, àti owó tí a ó fi bọ ọ́.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni ìjọba Róòmù ń wádìí. Bóyá òtítọ́ ni òrìṣà kan tàbí irọ́, èyí kò kàn wọ́n. Ohun tó kàn wọ́n ni ẹni tó ń ṣe olórí àwọn olùsìn, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìbúra tó so àwọn olùsìn pọ̀. Ọ̀ràn awo Bákọ́ọ̀sì ti ọdún 186 ṣáájú ìbí Kírísítì (Ṣ.K.) ni a ó fi gbe èrò náà lẹ́sẹ̀.

Bákọ́ọ̀sì yìí kò ṣàjèjì pátápátá sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Òun ni òrìṣà wáìnì tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Dáónísọ̀sì. Òun náà ni Wọlé Ṣóyínká kọ eré lé lórí ní ọdún 1973, nígbà tó tún eré Yurípídísì ṣe, tó sì fi òrìṣà náà wé Ògún. Nínú eré náà, ọba ìlú Tíbísì gbógun ti òrìṣà, ó sì kú ikú ẹ̀sín. Àwọn alágbára Róòmù kò ṣe bíi ti ọba yẹn. Wọn kò fọwọ́ kan òrìṣà. Àwọn olùsìn rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ.

Ọ̀nà tí Òrìṣà Àjèjì Ń Gbà Wọ Ìlú

Kí a tó dé orí ọ̀ràn náà, ó yẹ kí a mọ bí òrìṣà àjèjì ṣe ń wọ ìlú lọ́nà tó bá òfin mu. Ní Átẹ́ǹsì, ní ọdún 333 Ṣ.K., àwọn oníṣòwò láti Kítíọ́nì ní erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì fẹ́ kọ́ ilé fún Afírodáítì, òrìṣà wọn. Àlejò ni wọ́n, òfin Átẹ́ǹsì kò sì gba àlejò láyè láti ní ilẹ̀. Nítorí náà, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ síwájú Ìgbìmọ̀ ìlú, Ìgbìmọ̀ sì gbé e lọ síwájú Àpéjọ gbogbo ọmọ ìlú. Àpéjọ gbà kí wọ́n ra ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Íjíbítì ti ṣe ṣáájú nígbà tí wọ́n kọ́ ilé fún Áísísì. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bí òrìṣà wọn ti rí. Òfin ilẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé.

Ní Róòmù, ọ̀nà náà gba ọ̀dọ̀ Sẹ́nétì kọjá. Ní ọdún 205 Ṣ.K., nígbà tí ogun Hánníbà ará Kátéèjì ṣì ń dààmú ilẹ̀ Ítálì, Sẹ́nétì rán àwọn àwòrò mẹ́wàá kan lọ wo Ìwé Síbílì. Ìwé àṣírí ìlú ni èyí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i láìjẹ́ pé Sẹ́nétì pa á láṣẹ. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni pé kí a gbé Ìyá Ńlá, òrìṣà àwọn ará Éṣíà, wá sí Róòmù. Ọdún 204 ni òrìṣà náà dé ní àwòrán òkúta dúdú, wọ́n sì ṣí ilé rẹ̀ lórí òkè Pálátínì ní ọdún 191. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrò Ìyá Ńlá a máa tẹ ara wọn lọ́dàá, òfin kò sì jẹ́ kí ọmọ ìlú Róòmù kankan di ọ̀kan nínú wọn. Ìlú gba òrìṣà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì pa ààlà yí àwọn olùsìn rẹ̀ ká.

Ìtàn tí Lífì Sọ

Awo Bákọ́ọ̀sì kò gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Lífì, òpìtàn Róòmù tí wọ́n bí ní ọdún 59 Ṣ.K., ló sọ ìtàn ìtúfó rẹ̀ fún wa. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, àwọn obìnrin nìkan ló ń ṣe awo náà tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan, ní ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́dún. Obìnrin àwòrò kan láti Kampáníà, Pakúlà Ánníà, ló yí i padà. Ó mú àwọn ọkùnrin wọ inú awo, ó gbé ìsìn sí òru, ó sì sọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún di ọjọ́ márùn-ún lóṣooṣù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ebútíọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ ìtúfó náà. Ọkọ ìyá rẹ̀ ti ba ogún rẹ̀ jẹ́, kò sì fẹ́ kí ó dàgbà débi tí yóò fi bèèrè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá sọ fún un pé òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà tó ń ṣàìsàn pé òun yóò mú un wọ awo Bákọ́ọ̀sì. Híspálà, obìnrin tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gbà. Nígbà tó kọ̀, wọ́n lé e jáde nílé, ó sì sá lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ẹni yìí ló ní kí ó lọ rí Póstúmíọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńsúlù méjì tó ń ṣe olórí ìjọba lọ́dún náà. Kọ́ńsúlù ránṣẹ́ pe Híspálà, ẹ̀rù bà á, ó sì sọ gbogbo ohun tó mọ̀: ìpànìyàn, ìwà ìbàjẹ́, ẹ̀rí èké àti ayédèrú ìwé ogún.

Ìwádìí bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Ítálì. Lífì ní wọ́n sọ pé ó lé ní 7,000 ọkùnrin àti obìnrin tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó hùwà ọ̀daràn ni wọ́n pa. Àwọn tó wọ awo tí wọ́n sì búra, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì ṣe ibi kankan, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ wọ́n sí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí gbólóhùn kejì yìí dáadáa. Bí ẹni tí kò ṣe ibi bá lè ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó búra, a jẹ́ pé ìbúra fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí Pátákó Idẹ Sọ

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Lífì kọ ìtàn rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́jọ ọdún lẹ́yìn ọ̀ràn náà. A dúpẹ́ pé ẹ̀rí mìíràn wà. Ní ọdún 1640, wọ́n hú pátákó idẹ kan jáde ní Tiriólò, ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì, tí a gbẹ́ àṣẹ Sẹ́nétì sí lára ní ọdún ọ̀ràn náà gan-an. Fìẹ́nà ní ilẹ̀ Ọ́sítíríà ni pátákó náà wà títí di òní.

Ohun tó wà lára pátákó yìí rọrùn láti kà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ojúbọ Bákọ́ọ̀sì. Kí ọkùnrin má ṣe àwòrò. Kí ọkùnrin tàbí obìnrin má ṣe olórí ẹgbẹ́. Kí wọ́n má ní àpò owó àjọni. Kí wọ́n má bá ara wọn búra, kí wọ́n má jẹ́ ẹ̀jẹ́, kí wọ́n má sì dá májẹ̀mú. Kí wọ́n má ṣe ìsìn ní ìkọ̀kọ̀. Kí a wó àwọn ojúbọ tó wà nílẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá tí ìwé àṣẹ bá dé, àyàfi bí ohun mímọ́ bá wà níbẹ̀. Ikú ni èrè ẹni tó bá tàpá sí i. A ní kí wọ́n kéde àṣẹ náà fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, kí wọ́n sì kan idẹ rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ayé yóò ti rí i.

Síbẹ̀, Sẹ́nétì fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní dandan ni kí òun bọ Bákọ́ọ̀sì, kí ó wá sí Róòmù, kí ó sọ tẹnu rẹ̀ fún píréétọ̀, adájọ́ àgbà ìlú. Píréétọ̀ yóò gbé e lọ síwájú Sẹ́nétì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu bí àwọn tó jókòó kò bá tó 100. Nǹkan bí 300 ni gbogbo àwọn ọmọ Sẹ́nétì nígbà náà. Láìgba irú àṣẹ yìí, iye àwọn tó lè péjọ fún ìsìn kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ: ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta.

Ìtumọ̀ Rẹ̀ Lójú Wa

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára idẹ, kò sí ìpànìyàn níbẹ̀, kò sí ìwà ìbàjẹ́, kò sí ayédèrú ìwé ogún. Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé òfin mìíràn ti wà fún àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyẹn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti èrò wa lẹ́yìn ni, nítorí bí òfin ti wà fún ìpànìyàn, ohun tí Sẹ́nétì rí i pé kò tíì ní òfin ni ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ tó ní olórí tí ìlú kò yàn, owó tí ìlú kò kà, àti ìbúra tí kì í ṣe ti ìlú. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí ìlú kékeré nínú ìlú ńlá.

Èyí náà ló jẹ́ kí òfin le koko mọ́ ọkùnrin ju obìnrin lọ. Obìnrin ṣì lè ṣe àwòrò. Ọkùnrin kò lè ṣe é. Ọkùnrin ló ń lọ sójú ogun, òun ló ń dìbò. Nínú ọ̀rọ̀ tí Lífì fi sí kọ́ńsúlù lẹ́nu, ó bi àwọn ará ìlú léèrè bóyá ó yẹ kí a fi irú àwọn ọ̀dọ́ tó ti búra báyìí ṣe ọmọ ogun. Ìbúra ọmọ ogun àti ìbúra awo kò lè gbé inú ẹnì kan ṣoṣo, lójú ìjọba.

Ìkọ̀kọ̀ tí òfin kọ̀ kò sì rọrùn láti pa run. Ní ọdún 184, píréétọ̀ kan ṣì ń wádìí ọ̀rọ̀ awo yìí ní agbègbè Táréńtúmù. Ní ọdún 181, wọ́n tún rán ẹlòmíràn lọ sí Apúlíà fún iṣẹ́ kan náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kìkì ìwà ọ̀daràn bí Lífì ti wí, ó ṣòro láti gbà pé àwọn ènìyàn yóò tún máa fi ẹ̀mí wéwu nítorí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìpànìyàn ńlá bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, àwọn olùsìn tòótọ́ wà láàrin wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn ará àtijọ́ fi àyè gba ẹ̀sìn gbogbo, ó yẹ kí a fi kún un pé àyè náà ní olùfúnni, àti pé ẹni tó fúnni lè gbà á padà. Bákọ́ọ̀sì kò kúrò ní Róòmù lẹ́yìn ọdún 186. Ènìyàn márùn-ún lè bọ ọ́ ní gbangba, láìní olórí, láìní owó àjọni, láìbúra. Ìjọba lè sọ pé òun kò ba òrìṣà jà, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò ní aṣáájú tí yóò kọ́ ọmọ awo, tí kò sì ní owó tí yóò fi tọ́jú ojúbọ, ta ni yóò fi awo náà lé lọ́wọ́ nígbà tí àwọn márùn-ún wọ̀nyẹn bá kú?