Ìdá Mélòó Ni Iṣẹ́ Dé? Bí A Ṣe Ń Kọ Ìjábọ̀ Oṣooṣù fún Onílé

Onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kì í béèrè ju ohun kan lọ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe rẹ̀: "Ibo niṣẹ́ dé?" Èsì tó sì máa ń gbọ́ lórí fóònù ni pé, "A ti ń parí lọ, mà. Ó ti tó ìdá 80." Ẹ bi ẹni tó fèsì yẹn léèrè bó ṣe rí 80. Ẹ óò rí i pé ojú ló fi wò ó, tàbí kó jẹ́ pé owó tó ti ná ló fi ṣírò. Owó lè tán kí iṣẹ́ má tíì dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni ògiri tó ga lè tan ojú jẹ.

Àwọn ẹnjiníà àgbáyé ti kọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìwé àdéhùn pupa tí ẹgbẹ́ FIDIC gbé jáde lọ́dún 1999, abala 4.21 ní kí agbaṣẹ́ṣe máa kọ ìjábọ̀ lóṣooṣù, kó sì fi í ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méje tí oṣù bá parí. Ó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tó ti ṣe wé èyí tó ṣèlérí, kó sọ ohun tó lè mú kí iṣẹ́ pẹ́, kó sì sọ ohun tó ń ṣe sí i. Nínú ìwé yìí kan náà, ìjábọ̀ náà wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ bá ìwé owó oṣù rìn. Ilé kékeré kò nílò ìwé àdéhùn tó nípọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta yẹn, ibi tí iṣẹ́ dé, ohun tó ń fa ìpẹ́ àti ohun tí a ń ṣe sí i, ló yẹ kí onílé rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ẹ̀gbẹ́ Ìtóìkín ló wà, lójú ọ̀nà tó so Ìkòròdú mọ́ Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá ni agbaṣẹ́ṣe àti onílé ti jọ pín 100 sórí iṣẹ́ náà, bí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Ìpìlẹ̀ gba 15, ògiri àti òpó ìsàlẹ̀ gba 15, dẹ́kìn gba 20. Àádọ́ta tó kù wà fún ògiri òkè, òrùlé, rírẹ́ ilé, iná, omi àti ìyókù. Wọ́n tún fọ́ dẹ́kìn sí wẹ́wẹ́: pákó àti ọparun tó gbé e ró gba 6, irin títò gba 6, kọnkéré dídà gba 8. Ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ yìí ṣe pàtàkì, torí pé iṣẹ́ tí kò tíì parí ni irọ́ ti ń wọlé.

Ètò wọn ni pé kí dẹ́kìn parí lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà, èyí tó túmọ̀ sí ìdá 50. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ìpìlẹ̀ ti parí, ògiri ìsàlẹ̀ náà ti parí. Wọ́n ti kan pákó tán, ṣùgbọ́n ìdajì irin ni wọ́n tò, wọn kò sì tíì da kọnkéré kankan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 15, àti 15, àti 6, àti 3. Ìdá 39 ni. Sìmẹ́ńtì àti òkúta tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ti rà, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ kọ wọ́n sí ìlà tiwọn gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó wà nílẹ̀, ẹ má fi wọ́n kún 39.

Ìfàsẹ́yìn wá jẹ́ ìdá 11, ṣùgbọ́n "ìdá 11" kò ní yé onílé. Ọjọ́ ló yé e. Ẹ padà sínú ètò iṣẹ́, kí ẹ wo ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ ti dé 39. Ká ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ni, a jẹ́ pé a ti fi 20 ọjọ́ pẹ́. Àmọ́ ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá iṣẹ́ tó pẹ́ náà ni ìyókù ń dúró dè. Bó bá jẹ́ ògiri ọgbà ló pẹ́, ilé lè parí lọ́jọ́ tó yẹ síbẹ̀. Dẹ́kìn kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí ògiri òkè láìsí dẹ́kìn. Gbogbo 20 ọjọ́ náà ló bọ́ sórí ọjọ́ ìparí.

Ìdí tí ọjọ́ fi lọ ló máa ń ṣòroó kọ jù. Òjò ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹfà àti Keje lòjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó, kì í ṣe ohun tó báni lójijì. Ètò iṣẹ́ tó péye ti ní láti fi ọjọ́ òjò sílẹ̀. Èyí tó lé lórí ohun tí a fi sílẹ̀ nìkan ló yẹ ká kà. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ la ó ṣí. Níbi àpẹẹrẹ wa, ó fi hàn pé òjò tó kọjá ìṣirò gba 6 ọjọ́, owó irin tó pẹ́ kó tó dé láti ọ̀dọ̀ onílé gba 9, káfíńtà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbòmíràn gba 5. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ 5 tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, onílé yóò gba 9 náà gbọ́ láìjà.

Bí a ó ṣe lé ọjọ́ bá ló kàn. "A ó túbọ̀ múra sí i" kì í ṣe èsì. Ẹ wo ògiri òkè: ó fẹ́ 3,000 búlọ́ọ̀kù, ọ̀wọ́ bíríkìlà kan sì ń to 200 lóòjọ́, ìyẹn 15 ọjọ́. Bí a bá mú ọ̀wọ́ kejì wá, yóò di 8 ọjọ́, a ó sì jèrè 7. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé oníbúlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ máa kó 400 wá lójúmọ́. Bí kò bá lè ṣe é, ọ̀wọ́ kejì yóò kàn jókòó gbowó ni. Èkejì ni pé kí káfíńtà máa gé igi òrùlé nílẹ̀ nígbà tí ògiri ń gòkè, èyí yóò dá 5 ọjọ́ padà. Àpapọ̀ 12. Ọjọ́ 8 kò ṣeé lé bá, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀: ilé tó yẹ kó parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá yóò parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó máa san owó ọ̀wọ́ kejì.

Ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi lé ọjọ́ bá: ọjọ́ tí kọnkéré fi ń le. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ yọ ọparun kúrò lábẹ́ dẹ́kìn nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní iṣẹ́ ń pẹ́. Ẹnjiníà ilé náà nìkan ló lè sọ ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gbà kí ọjọ́ 21 má pé. Ohun tí ilé tó wó lè fà kì í ṣe kékeré: ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa ènìyàn tó lé ní 40. Bí ìjábọ̀ bá ní òun lé ọjọ́ bá, kí onílé kọ́kọ́ béèrè bóyá ọjọ́ kọnkéré ni wọ́n gé kúrú, kó sì ní kí wọ́n fi èsì àyẹ̀wò kọnkéré ránṣẹ́.

Fọ́tò náà ń ṣiṣẹ́, bí a bá ń yà á láti ojú kan náà lóṣooṣù. Fọ́tò tí wọ́n yà láti igun tó dára jù kò ṣeé fi wé tàná. Nọ́ńbà ìdá iṣẹ́ náà ní àmì tirẹ̀: bó bá sáré dé 90 tó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ́ pé wọ́n ti ka iṣẹ́ tí wọn kò tíì ṣe mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Nítorí ìlérí tí a ṣe láti lé ọjọ́ bá, ìjábọ̀ oṣù Keje kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni èyí: ọ̀wọ́ bíríkìlà kejì dé lọ́jọ́ wo, búlọ́ọ̀kù mélòó ló sì ń wọlé lóòjọ́?