Àpilẹ̀kọ Tí Kò Yẹ Kí A Bá Olóòtú Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, dókítà tàbí oníwádìí ní ìlú òkèèrè tí a wà yìí. Olóòtú jọ́nà lè ti kọ̀wé sí yín rí pé kí ẹ bá òun yẹ àpilẹ̀kọ kan wò kí òun tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Èrò mi ni pé bí ohun kan bá so yín pọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé náà tàbí mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sàn kí ẹ kọ̀ ọ́ ní kíákíá, kí ẹ tó ka àpilẹ̀kọ ọ̀hún, ju kí ẹ gbà á, kí ẹ wá máa sọ nínú ọkàn yín pé ẹ kò ní ṣègbè.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àjàmí, èyíinì ni èdè Yorùbá tí àwọn àgbà ààfáà wa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Jọ́nà kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i. Àkọlé àpilẹ̀kọ, àṣamọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń retí èsì, àti bọ́tìnì méjì, Accept àti Decline, ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ òǹkọ̀wé níbẹ̀, nítorí jọ́nà náà kì í jẹ́ kí òǹkọ̀wé àti olùyẹ̀wò mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ka àṣamọ̀ náà tán ni ó mọ ẹni tí ó ni ín: akẹ́kọ̀ọ́ tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ sọ́nà títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún méjì sẹ́yìn ni. Orúkọ tí a fi pa mọ́ kò pa àjọṣe wọn rẹ́.

COPE, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìwà tí ó tọ́ nínú ìtẹ̀jáde ìmọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1997, ti la ọ̀nà sílẹ̀ lórí èyí. Ó ní kí olùyẹ̀wò má ṣe gba iṣẹ́ ẹni tí wọ́n jọ wà ní ilé-iṣẹ́ kan náà, tàbí ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ olùtọ́sọ́nà àti akẹ́kọ̀ọ́, tàbí alábàáṣiṣẹ́ tímọ́tímọ́, láìpẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ “láìpẹ́”. Ó tún ní kí ẹni tí irú iṣẹ́ kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ hàn: bí kò tilẹ̀ jí ohunkóhun, kò lè gbàgbé ohun tí ó ti kà, kò sì sí ẹni tí yóò lè mọ èrò tí ó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó rí kà.

Kí ni kí olùkọ́ wa ṣe? Kí ó tẹ Decline láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, nítorí olóòtú kò ní wá ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń retí rẹ̀. Kí ó wá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí báyìí: “Ẹ ṣeun. Mo gbà pé mo mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo tọ́ ọ sọ́nà fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nítorí náà, n kò lè yẹ̀ ẹ́ wò.” Kí ó má ṣe fi kún un pé iṣẹ́ náà dára, nítorí ìdájọ́ ni ìyẹn náà. Bí ó bá fẹ́ dárúkọ ẹni méjì tí ó lè rọ́pò rẹ̀, kí ó yan àwọn tí kò bá akẹ́kọ̀ọ́ náà tan. Kí ó má fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ó má sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà pé wọ́n pe òun, àmánà ni.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn tí ó mọ àjàmí kò pọ̀, pé bí òun bá kọ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Òótọ́ ni pé nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n olóòtú ni ó yẹ kí ó wọn ìyẹn wò, kì í ṣe àwa. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ìmọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ti pàdé òǹkọ̀wé náà, ẹ sọ fún olóòtú kí ẹ tó dáhùn, kí ó pinnu. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti gbà á kí ẹ tó rí ohun tí ó so yín pọ̀, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ sì pa ẹ̀dà ọwọ́ yín rẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ni ó lè pàdánù jù lọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, tí a sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé olùkọ́ rẹ̀ ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ènìyàn yóò máa ṣiyèméjì sí iṣẹ́ tí kò ní àbùkù kankan. Kíkọ̀ tí olùkọ́ kọ̀ ni yóò jẹ́ kí iṣẹ́ náà lè dá dúró.